Haidirálasìn àti Haidirọ́sisìn: Àkọsílẹ̀ Àṣìṣe Kan ní Ilé Oògùn ní Sùúrùlérè

Ní nǹkan bí aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni màmá kan, ẹni ọdún 68, wọ ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sùúrùlérè, pẹ̀lú ìwé oògùn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ fún un. Ara ló ti ń yún màmá náà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá lóru, débi pé kò rí oorun sùn. Nǹkan méjì ló wà nínú ìwé náà: ìpara kalamáìnì, àti hóró oògùn kan tí à ń pè ní haidirọ́sisìn, 25 mìlígíráàmù, ẹyọ kan lálaalẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Haidirọ́sisìn kọ́ ni màmá gbé lọ sílé. Haidirálasìn, 25 mìlígíráàmù, ni a kó fún un, èmi tí mo jẹ́ apòògùn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo sì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn kí ó tó kúrò lórí káńtà. Màmá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gbà mí láyè láti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ wọn.

Kí ó lè yé ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ oògùn, haidirọ́sisìn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó ń dá ara yíyún dúró, ó sì máa ń mú oorun wá, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń ní kí aláìsàn lò ó lálẹ́. Haidirálasìn ní tirẹ̀ jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó máa ń tú àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn sílẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí àyè kọjá, kí agbára tó fi ń ti ògiri iṣan sì lọ sílẹ̀. Nígbà tí iṣan bá tú báyìí, ọkàn a máa sáré láti fi dí àlàfo náà, nítorí náà ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fi lè ní orí fífọ́, kí àyà rẹ̀ máa lù kì-kì-kì, kí òòyì sì máa kọ́ ọ bó bá dìde lójijì. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pátápátá ni àwọn méjèèjì ń ṣe nínú ara. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni orúkọ, àti pé hóró oníwọ̀n 25 mìlígíráàmù wà fún àwọn méjèèjì. Bí ìwọ̀n wọn bá yàtọ̀ ni, bí ọ̀kan bá jẹ́ 5 tí èkejì jẹ́ 200, nọ́ńbà nìkan ì bá ti ta wá lólobó. Ṣùgbọ́n níbí, nọ́ńbà gan-an ló ń jẹ́rìí èké pé nǹkan tí a mú lọ́wọ́ tọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn ni a yí ohun kan padà nínú ilé oògùn náà, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Tẹ́lẹ̀, haidirọ́sisìn tí a máa ń tà ni èyí tí ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é fún lórúkọ Ataráàsì, orí pẹpẹ lẹ́tà A ló sì máa ń wà. Nígbà tí owó rẹ̀ gun òkè ju agbára àwọn oníbàárà wa lọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra irú rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ oògùn gan-an, tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Bí ó ṣe kúrò lábẹ́ A nìyẹn, tó bọ́ sábẹ́ H, lẹ́gbẹ̀ẹ́ haidirálasìn tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Páálí funfun ni àwọn méjèèjì, páálí méjì péré ló sì wà láàárín wọn lórí pẹpẹ. Kò sí ẹni tó jókòó láti ronú lórí ohun tí ìyípadà orúkọ yìí lè fà. Owó ni gbogbo wa ń rò.

Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó já fáfá, ló gba ìwé lọ́wọ́ màmá. Ó ka ohun tí dókítà kọ dáadáa, ó dá mi lójú, nítorí pé ó tún béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá wọ́n ní kalamáìnì nílé tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, ohun tó jáde lójú rẹ̀ sì nìyí:

```
hydralazine 25mg tab
hydrochlorothiazide 25mg tab
hydrocortisone 1% cream
hydroxyzine 25mg tab
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà máa ń fi àwọ̀ búlúù bò fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá sì kàn tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń gbà á wọlé, ìlà àkọ́kọ́ yẹn ni yóò mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rí lẹ́tà H níwájú, òun rí 25 lẹ́yìn, ojú òun sì parí èyí tó kù. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú ẹni tó mọ̀wé kà ṣe máa ń ṣiṣẹ́. A kì í ka ọ̀rọ̀ tó gùn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ni ojú ń gbá mú, ọkàn a sì fi ohun tó ti ń retí dí àárín. Orúkọ oògùn méjèèjì yìí bá ara wọn mu ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n bá ara wọn mu ní ìparí, àárín nìkan ni wọ́n ti yapa, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú kì í dúró sí.

Kọ̀ǹpútà tẹ lébẹ́ẹ̀lì jáde: haidirálasìn, 25 mìlígíráàmù, ẹyọ kan lálaalẹ́. Ọmọkùnrin náà mú lébẹ́ẹ̀lì lọ sídìí pẹpẹ, ó sì mú oògùn tí lébẹ́ẹ̀lì dárúkọ. Ó gé hóró márùn-ún kúrò lára sáṣẹ́ẹ̀tì, ó kó o sínú àpò pélébé, ó lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, ó ká ìwé pélébé tó wà nínú páálí mọ́ ọn, ó sì gbé e wá síwájú mi pẹ̀lú ìwé oògùn lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà fún mi. Mo yẹ oògùn náà wò. N kò kọjá lára rẹ̀ láìwò. Mo mú sáṣẹ́ẹ̀tì, mo ka orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ka lébẹ́ẹ̀lì, wọ́n bá ara wọn mu lẹ́tà dé lẹ́tà. Mo wo ìwọ̀n, ó bá ara mu. Mo ka hóró, wọ́n pé márùn-ún. Ṣùgbọ́n lébẹ́ẹ̀lì tí mo fi oògùn wé ti inú àṣìṣe kan náà jáde pẹ̀lú oògùn. Bí a bá fi ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ gbọ́ irọ́ lẹ́nu ẹnì kan wá síwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ wọn yóò bára mu, irọ́ kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ di òótọ́. Ìwé dókítà nìkan ni ẹlẹ́rìí tí kò sí nínú àṣìṣe náà, òun sì ni mo tẹ́ sábẹ́. Mo fojú gán-án-ní rẹ̀, mo rí H, mo rí 25, mo sì fọwọ́ sí i.

Nǹkan kan tún ràn mí lọ́wọ́ láti ṣìnà. Màmá yìí ti ń ra oògùn lọ́dọ̀ wa pẹ́, gbogbo ìgbà ni ó sì ń gba amlódípìn 10 mìlígíráàmù fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí mo ti rí orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn lórí lébẹ́ẹ̀lì, ọkàn mi ti dá ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀, pé dókítà fẹ́ fi kún èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ì bá jẹ́ ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún ló wá, haidirálasìn ì bá yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo mọ̀ nípa màmá ló dí mi lójú. Mo sì wá sọ fún un pé, "Màmá, ọ̀kan lálaalẹ́ ni kí ẹ máa lò ó o," ó dáhùn pé, "Ó ṣeun, ọmọ mi," ó sì lọ.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, màmá lo oògùn náà ní aago mẹ́sàn-án. Ara rẹ̀ kò yé yún, oorun kò kùn ún, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó rò pé oorùn ọjọ́ náà ni. Ní alẹ́ kejì, orí fífọ́ náà tún dé, àyà rẹ̀ sì ń lù débi pé ó ń gbọ́ ọ nínú etí tó fi lé orí ìrọ̀rí. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn tó lo ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó dìde láti lọ tọ̀, òòyì kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó sì di férémù ilẹ̀kùn mú títí ọmọ rẹ̀ fi gbọ́ ìró, tó sáré jáde. Ọmọ náà gbé e jókòó, ó fa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé yọ. 96 lórí 54 ló kọ, ọkàn sì ń lù ní ìgbà 114 láàárín ìṣẹ́jú kan. Màmá tó jẹ́ pé 140 àti díẹ̀ ló máa ń jẹ́ fún un! Ọmọ náà tẹ́ ìwé pélébé inú oògùn sábẹ́ iná, ó sì rí i níbẹ̀ pé fún ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti wà níwájú ilé oògùn. Bí mo ti ń ṣílẹ̀kùn ni ọmọ náà na àpò pélébé náà sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ara yíyún ni màmá mi bá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èwo ni ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?" Hóró méjì ló kù nínú rẹ̀. Mo wá ìwé oògùn ọjọ́ Ẹtì jáde nínú fáìlì, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lébẹ́ẹ̀lì, mo sì fi ìka tọ orúkọ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní lẹ́tà karùn-ún ni ìka mi dúró.

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ màmá lójú ẹsẹ̀. 118 lórí 70 ni, ọkàn ń lù ní 88. Ó jọ ohun tó dára, ó sì lè tan ènìyàn jẹ, torí pé oògùn tí wọ́n lò ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n òwúrọ̀ nìkan ṣèdájọ́ yóò sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe màmá. Èyí tí ọmọ rẹ̀ wọ̀n lóru, lásìkò tí oògùn wà lẹ́nu iṣẹ́, ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. A tún máa ń rí àwọn ènìyàn tí ara wọn kì í tètè tú haidirálasìn palẹ̀, tí ìwọ̀n díẹ̀ rẹ̀ fi máa ń le fún wọn ju fún ẹlòmíràn lọ, a kò sì lè fojú lásán mọ̀ wọ́n.

Mo sọ fún wọn pé àṣìṣe wa ni. Ẹnì kan nínú àwọn aláṣẹ ilé oògùn ti sọ lórí fóònù pé kí n kàn sọ pé oògùn náà kò bá màmá lára mu, kí n sì pààrọ̀ rẹ̀. N kò gbà, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀rí-ọkàn nìkan. Dókítà tí yóò wo màmá gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí a bá sọ pé haidirọ́sisìn ló lò, ohun mìíràn pátápátá ni wọn yóò máa wá. Pẹ̀lú haidirálasìn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá eré tí ọkàn ń sá ti fa ìrora sí àyà, nítorí pé ọkàn tó ti darúgbó lè má rí ẹ̀jẹ̀ tó láti fi bọ́ ara rẹ̀ nígbà tó bá ń sáré bẹ́ẹ̀. Mo kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, iye tí wọ́n lò àti aago tí wọ́n lò ó sórí ìwé, mo pe dókítà tó kọ ìwé oògùn náà, mo sì bá wọn wọ ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ya àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù, kò sí ìṣòro níbẹ̀. Wọ́n dá màmá dúró títí di ọ̀sán, wọ́n ní kí ó máa lo amlódípìn rẹ̀ lọ, wọ́n sì fi lọ́rátádìn rọ́pò haidirọ́sisìn, torí pé oorun tí haidirọ́sisìn máa ń mú wá lè gbé àgbàlagbà ṣubú lóru. Ọmọ màmá bínú sí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kí wọ́n lé ọmọkùnrin náà lọ. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ ṣe ohun kan. Mo pe òṣìṣẹ́ mìíràn tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo fún un ní ìwé oògùn kan náà, mo ní kí ó múra rẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ lẹ́tà mẹ́rin, ìka rẹ̀ sì ń lọ sórí bọ́tìnnì kí ó tó dúró, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kẹrin. Gbogbo wa tó dúró yí i ká rí i. Bí a bá lé ẹni àkọ́kọ́ lọ, ojú kọ̀ǹpútà yìí kan náà ni ẹni tó bá gbaṣẹ́ rẹ̀ yóò bá níbẹ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà náà ni a fi bẹ̀rẹ̀. A sọ fún ẹni tó ń bójú tó o pé kí ó má ṣe jẹ́ kí orúkọ kankan jáde títí a ó fi tẹ lẹ́tà márùn-ún ó kéré tán, kí ó má sì fi àwọ̀ bo ìlà kankan títí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ yóò fi yàn án fúnra rẹ̀. Ìdí tí a fi mú márùn-ún ni pé ní lẹ́tà karùn-ún ni orúkọ méjèèjì ti yapa: ẹni tó bá tẹ `hydro` kò lè rí haidirálasìn mọ́ rárá. Bí ó bá fi ẹyọ kan kún un, tó tẹ `hydrox`, orúkọ kan ṣoṣo ló kù lójú kọ̀ǹpútà wa. Lẹ́yìn èyí a yí bí orúkọ náà ṣe hàn padà, a fi lẹ́tà ńlá kọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, a sì kọ ohun tí oògùn wà fún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:

```
hydrALAZINE 25mg tab | EJE RIRU
hydrOXYzine 25mg tab | ARA YIYUN
```

Fífi lẹ́tà ńlá gbé àárín orúkọ yọ báyìí kì í ṣe ọgbọ́n tiwa. Láti ọdún 2001 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, ti ń rọ àwọn ilé iṣẹ́ oògùn láti máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn orúkọ kan tó jọra, àwọn méjì yìí sì wà lára wọn. Ó ń ran ojú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn olùṣèwádìí kò tíì fẹnu kò lórí bí àǹfààní rẹ̀ ti pọ̀ tó, èmi náà kò sì ní fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ pé ìdajì àwọn orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni a kọ bẹ́ẹ̀, ojú yóò mọ́ ọn lára, kò sì ní dá a dúró mọ́. Orúkọ méjìlá péré ni a ṣe é fún. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lápá ọ̀tún, tó ń sọ ohun tí oògùn wà fún, ló wúlò jù nínú ìlà yẹn, torí pé òun ló ń bi ẹni tó ń kà á ní ìbéèrè tí orúkọ kò lè bi í.

Lẹ́tà ńlá kò sì wúlò rárá nígbà tó bá jẹ́ etí ni a fi gbọ́ orúkọ. Ẹnu wa ní Èkó tilẹ̀ ń mú kí àwọn orúkọ yìí jọra ju bí wọ́n ti jọra lórí ìwé lọ. Yorùbá kì í to kọ́nsónáǹtì léra wọn, nítorí náà a máa ń ki fáwẹ́lì bọ àárín, a máa ń gbé èyí tó bá le jù jù sílẹ̀, títí tí lẹ́tà X tó yẹ kó ya àwọn orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀ fi ń di S lásán. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́: haidirálasìn, haidirọ́sisìn. Gbé e sórí fóònù, kí jẹnẹrétọ̀ máa dún lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí kọndọ́kítọ̀ máa pe Ojúẹlẹ́gba níwájú ẹni tó ń gbọ́, kò sí ẹni tó lè fi etí yà wọ́n. Ìlànà wa báyìí ni pé bí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá pe oògùn fún wa lórí fóònù, ẹni tó gbà á yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò pe lẹ́tà rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì béèrè àìsàn tó wà fún. Bí ẹni tó ń pè kò bá ráyè fún èyí, a kì í kó oògùn náà.

Ní ti ìyẹ̀wò tèmi, ohun tí mo yí padà kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló nira jù láti mọ́ lára. Ìwé dókítà ni mo máa ń mú nílẹ̀ báyìí. Mo máa ń bo lébẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀, n ó ka ìwé náà sókè fún ara mi pẹ̀lú ìka lórí orúkọ, pàápàá àárín rẹ̀, n ó sì sọ ohun tí mo retí láti rí kí n tó wo ohun tó wà lórí káńtà. Lẹ́yìn náà ni n ó fi lébẹ́ẹ̀lì wé ìwé, n ó sì fi sáṣẹ́ẹ̀tì wé ìwé. N kì í fi lébẹ́ẹ̀lì wé sáṣẹ́ẹ̀tì mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò bá pọ̀, ọwọ́ mi ṣì máa ń fẹ́ lọ sí lébẹ́ẹ̀lì lákọ̀ọ́kọ́.

Pẹpẹ ni ibi tí a ti kọ́kọ́ kùnà. A gbé haidirọ́sisìn kúrò lábẹ́ H lọ sí apá ibi tí àwọn oògùn ara yíyún wà, a sì lẹ káàdì pupa mọ́ ibi tó ti kúrò. Kò pé oṣù kan tí òṣìṣẹ́ tuntun kan tí a kò ṣàlàyé fún, tó ń to ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìdúmọ̀tà, fi òtítọ́ inú dá a padà sábẹ́ H, nítorí pé báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kí ó máa tò ó. Láti ìgbà náà ni ẹni tó bá ń gba ẹrù wọlé ti máa ń wo orúkọ gbogbo oògùn tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wà nílẹ̀ kí ó tó gbé e sórí pẹpẹ, pàápàá nígbà tí oògùn kan bá ń pààrọ̀ orúkọ bí Ataráàsì ti ṣe.

Ìbéèrè tí a máa ń bi aláìsàn ló kù. Tẹ́lẹ̀, bí a bá tilẹ̀ béèrè, a máa ń sọ pé, "Màmá, fún ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àbí?" Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò wúlò, nítorí pé àgbàlagbà tó bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kàwé yóò fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, bí kò tilẹ̀ yé e. Ìbéèrè tí a ń bi wọ́n báyìí kò ní ìdáhùn nínú: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni dókítà sọ pé oògùn yìí máa ṣe fún yín?" A sì máa ń di oògùn náà mú lọ́wọ́ títí wọn yóò fi dáhùn, torí pé bí ó bá ti wọ inú báàgì wọn, wọn kì í fẹ́ dúró mọ́. Àwọn kan máa ń rò pé àìmọ̀ wa ló jẹ́ ká béèrè, a sì máa ń ṣàlàyé fún wọn. Bí aláìsàn kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi fún un, tí ìwé oògùn kò sì sọ ọ́, a ó pe dókítà. Ọ̀pọ̀ ìwé oògùn tó ń dé ọwọ́ wa ni kì í sọ àìsàn tí oògùn wà fún. Bí dókítà ọjọ́ Ẹtì yẹn bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan péré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, mo gbà pé ì bá ti dá ọwọ́ mi dúró.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ màmá, obìnrin aboyún kan mú ìwé oògùn wá láti ilé ìwòsàn kan ní Yábàá. Wọ́n fọwọ́ kọ ọ́, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Kì í ṣe èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹlẹgbẹ́ mi ni. Ó ka orúkọ náà sí haidirọ́sisìn, òṣìṣẹ́ tó múra oògùn sílẹ̀ náà sì kà á bẹ́ẹ̀, lẹ́tà mẹ́fà ni ó sì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Gbogbo ohun tí a ti tún ṣe ni wọ́n kọjá, nítorí pé orí ìwé gan-an ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí ẹlẹgbẹ́ mi di oògùn náà mú, tó sì béèrè ohun tí dókítà sọ pé ó máa ṣe, obìnrin náà ní, "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ga, ẹsẹ̀ mi sì ti ń wú." Ẹlẹgbẹ́ mi fa oògùn náà sẹ́yìn, ó sì pe ilé ìwòsàn. Haidirálasìn ni wọ́n kọ. Ó kó o fún un, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó lọ, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí a fi ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn àṣìṣe tí kò tíì dé ara aláìsàn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo kà á. Ó ti lẹ ẹ̀dà ìwé oògùn náà mọ́ ojú ewé yẹn, ó sì fi bírò pupa yí lẹ́tà karùn-ún ká, èyí tí dókítà kọ tí a kò lè sọ bóyá `a` ni tàbí `o`.